Mo fẹ́ tún kọ̀wé sí iléeṣẹ́ tí kò gbà mí nígbà àkọ́kọ́: ṣé kí n dárúkọ ti tẹ́lẹ̀?

Àbẹ̀kẹ́_GaaÀkànbí
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ṣáájú ààwẹ̀ tó kọjá, mo wáṣẹ́ lọ sí iléeṣẹ́ kan lọ́nà Asà Dáàmù, wọ́n ń wá akọ̀wé ìṣirò fún sítọ́ọ̀. Wọ́n pè mí, mo ṣe ìdánwò, mo sì jókòó níwájú àwọn ọ̀gá. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi íméèlì ránṣẹ́ pé ẹlòmíì làwọn mú. Lọ́sẹ̀ yìí mo rí i pé wọ́n tún polówó iṣẹ́ yẹn kan náà. Ṣé kí n sọ fún wọn pé mo ti wá rí, àbí kí n ṣe bí ẹni tí wọn ò rí rí? Bí mo bá máa sọ ọ́, ibo ni kí n sọ ọ́ sí, báwo ni kí n sì ṣe gbé e kalẹ̀? Ẹ jọ̀wọ́, ọjọ́ Jímọ̀ ni pọ́tàlì wọn máa tì.

Bàbá_Ìbejì_Ọ̀fà
Àbúrò, má sọ ọ́ rárá. Ẹni tó ka ìwé rẹ nígbà yẹn lè má sí níbẹ̀ mọ́. Kí ló dé tí wàá fi ẹnu ara rẹ sọ pé àwọn kan ti yẹ̀ ọ́ wò tí wọn ò mú ọ? Ṣí íméèlì tuntun, fi nọ́ńbà rẹ kejì sí i, kí o sì kọ síífíì míì láti ìbẹ̀rẹ̀. Tí wọ́n bá fẹnu bi ọ́ léèrè, ìgbà yẹn lo lè sọ. Lẹ́tà tó ń rojọ́ ohun àtijọ́ máa ń sú àwọn ọ̀gá, kíákíá ni wọ́n ń ṣí i kọjá.

Ọmọ_ÒmùÀrán
Ó dá lórí bí o ṣe kúrò níbẹ̀. Tí o bá kọ lẹ́tà pé o ń fi iṣẹ́ sílẹ̀, tí o sì kó gbogbo ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ fún wọn dáadáa, wọ́n máa gbà ọ́ padà. Tí ìjà bá wà nígbà tí o ń lọ, má wulẹ̀ yọ ara rẹ lẹ́nu.

Àbẹ̀kẹ́_GaaÀkànbí
Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n. Mi ò bá wọn ṣiṣẹ́ rí o. Ìdánwò àti íńtáfíù nìkan ni mo dé.

Ìyá_Tánkẹ́
Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi, sọ ọ́, àmọ́ jẹ́ kó kúrú. Ẹ̀ka tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ni mo wà láwọn iléeṣẹ́ nílùú Ìlọrin yìí títí mo fi fẹ̀yìn tì, nítorí náà ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti fi ìwé sílẹ̀ ni mo fẹ́ sọ.

Ìwé rẹ ti àkọ́kọ́ ò tíì kúrò lọ́dọ̀ wọn. Níbi tí wọ́n bá ti ń lo pọ́tàlì, íméèlì lẹ fi ń ṣí àkáǹtì, òun náà sì ni kọ̀ǹpútà fi ń dá yín mọ̀. Ẹni tó bá tẹ orúkọ rẹ níbẹ̀ máa rí iṣẹ́ tí o wá, ọjọ́ tí o kọ̀wé, ibi tí o bá a dé, síífíì tí o fi ránṣẹ́ nígbà yẹn, àti máàkì tí àwọn tó fọ̀rọ̀ wá ọ lẹ́nu wò fún ọ, pẹ̀lú ohun tí wọ́n kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ máàkì náà. Níbi tí kò bá sí pọ́tàlì, fáìlì máa ń wà, orúkọ gbogbo ẹni tó ṣe ìdánwò á sì wà lójú ìwé kan. Níbi tí mo ti ṣiṣẹ́, bí àyè bá tún ṣí, orúkọ àwọn tó dé ìpele ìkẹyìn nígbà tó kọjá la kọ́kọ́ máa ń wò. Ẹni tó ṣe ipò kejì ò burú lójú wa. Àyè kan ṣoṣo ló wà, ẹnì kan sì ṣáájú rẹ̀.

Bàbá Ìbejì, ẹ má bínú sí mi, ti íméèlì tuntun yẹn ni mi ò fara mọ́. Orúkọ kan náà ni, ọjọ́ ìbí kan náà, iléèwé kan náà, nọ́ńbà tó wà lórí ìwé ẹ̀rí àgùnbánirọ̀ náà ò sì yí padà. Bí kọ̀ǹpútà ò bá so ó pọ̀, ẹni tó bá jókòó níwájú ẹ nígbà yẹn, tó tún jókòó lọ́tẹ̀ yìí, máa so ó pọ̀. Ó tún kù síbì kan. Ọ̀pọ̀ fọ́ọ̀mù ló máa ń béèrè pé, ṣé ẹ ti wáṣẹ́ lọ́dọ̀ wa rí? Nísàlẹ̀ fọ́ọ̀mù yẹn ni ẹ máa fọwọ́ sí i pé òótọ́ ni gbogbo ohun tí ẹ kọ. Bí ọmọ bá mú "bẹ́ẹ̀ kọ́" níbẹ̀, ohun tí kò ṣe é ní jàǹbá tẹ́lẹ̀ ti di irọ́. Mo ti rí i tí wọ́n gba iṣẹ́ padà lọ́wọ́ ẹni tó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nítorí irú ẹ̀.

Ohun tí mo fara mọ́ nínú ọ̀rọ̀ yín ni pé kò gbọ́dọ̀ gùn. Gbólóhùn kan tó.

Jímọ̀_Gẹ̀rì
Ohun tí Ìyá Tánkẹ́ sọ nípa síífíì àtijọ́ yẹn ṣẹlẹ̀ sí àbúrò mi. Iṣẹ́ àtúnṣe ẹ̀rọ ló ń wá. Nínú síífíì àkọ́kọ́, ó kọ ọ́ pé òun wà ní ṣọ́ọ̀bù kan láti 2019 sí 2021. Nígbà tó máa tún kọ̀wé síbẹ̀, ẹnì kan gbà á nímọ̀ràn pé kó má jẹ́ kí àlàfo wà láàárín iṣẹ́ kan sí èkejì, ló bá kọ 2018 sí 2022. Wọ́n pè é o, wọ́n to ìwé méjèèjì síwájú ẹ̀, wọ́n ní èwo ni òótọ́. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ò tiẹ̀ wáyé mọ́ lọ́jọ́ yẹn.

Àbẹ̀kẹ́, ṣé síífíì tí o lò nígbà yẹn ṣì wà lọ́wọ́ rẹ? Gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ tuntun, kí o ka ọjọ́, orúkọ ipò àti èsì ìwé rẹ níkọ̀ọ̀kan.

Àbẹ̀kẹ́_GaaÀkànbí
Mo ní in nínú íméèlì mi. Mo ti wò ó báyìí. Ibì kan ṣoṣo ló yàtọ̀: níbi tí mo ti ṣe àgùnbánirọ̀, mo kọ "akọ̀wé ìṣirò" nínú èyí tó wà nílẹ̀, "igbákejì akọ̀wé ìṣirò" sì ni mo kọ sínú tuntun, torí ohun tó wà nínú lẹ́tà wọn nìyẹn.

Ìyá_Tánkẹ́
Fi èyí tó bá lẹ́tà mu síbẹ̀. Bí wọ́n bá béèrè, ìdáhùn rẹ wà nínú ìwé. Irú àtúnṣe tó ń mú ipò rẹ wálẹ̀ báyìí kì í kó ẹnikẹ́ni sí wàhálà.

Bàbá_Ìbejì_Ọ̀fà
Ó dáa, mo gbà lórí íméèlì. Àmọ́ ṣé kò lè ní kí wọ́n pa orúkọ òun rẹ́ kúrò nínú ìwé wọn kó tó tún wá? Wọ́n ní òfin wà fún un nísinsìnyí.

Akọ̀wé_Àjàṣẹ́
Òfin wà lóòótọ́, òfin ààbò dátà ti ilẹ̀ Nàìjíríà tó jáde lọ́dún 2023. Ó fún ọ lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ohun tí wọ́n ní nípa rẹ àti láti ní kí wọ́n tún èyí tí kò tọ́ ṣe, o sì lè ní kí wọ́n pa á rẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iléeṣẹ́ lè ní ìdí lábẹ́ òfin tí wọ́n á fi dá a dúró. Àmọ́ wò ó: ẹ̀ka òṣìṣẹ́ yẹn kan náà ni lẹ́tà "ẹ pa orúkọ mi rẹ́" máa dé, ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà sì ni ìwé ìwáṣẹ́ rẹ máa tẹ̀ lé e. Bí máàkì rẹ bá dáa, ohun tó ń gbèjà rẹ lo ní kí wọ́n sun níná yẹn.

Èmi kì í ṣe ẹni ẹ̀ka òṣìṣẹ́. Oníṣirò ni mí, àwọn iléeṣẹ́ sì máa ń pè mí láti bá wọn jókòó nígbà tí wọ́n bá ń yan akọ̀wé ìṣirò. Ìbéèrè mi sí Àbẹ̀kẹ́ nìyí: irú ìdánwò wo ni wọ́n fún yín, kí sì ni o ti ń ṣe láti ìgbà yẹn? Ìdáhùn rẹ ló máa sọ ohun tó yẹ kó wà nínú lẹ́tà.

Àbẹ̀kẹ́_GaaÀkànbí
Ẹ ṣé gan-an, sà. Wọ́n fún wa ní ìwé sítọ́ọ̀ ti oṣù kan, káàdì ọjà, àwọn wébíìlì, àti iye tí wọ́n kà nígbà tí wọ́n ka ọjà lópin oṣù. Wọ́n ní ká wá ohun tó mú kí ìwé àti ọjà yàtọ̀. Àkókò ò tó mi, mo dé ìdajì ni wọ́n gbà á. Íńtáfíù ni mo rò pé ó lọ dáadáa. Wọn ò sọ ìdí tí wọn ò fi mú mi, íméèlì wọn ò ju ìlà mẹ́ta lọ.

Láti ìgbà yẹn, mo ń tọ́jú ìwé sítọ́ọ̀ fún ẹnì kan tó ń ta oúnjẹ adìyẹ ní Ọ̀fà Gáréèjì. Lóṣooṣù la ń ka ọjà. Mo sì ti ń fi SUMIFS ṣe àkópọ̀ ohun tó wọlé àti ohun tó jáde lórí Excel dípò kí n máa fi kakulétọ̀ rò ó.

Akọ̀wé_Àjàṣẹ́
Ohun tí mo ń wá gan-an nìyẹn. Ṣé o lè fún wa ní oṣù kan tí ìwé àti ọjà yàtọ̀, àti ohun tí o ṣe?

Àbẹ̀kẹ́_GaaÀkànbí
Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ jẹ́ kí n mú oúnjẹ àwọn adìyẹ tó ń yé ẹyin. A bẹ̀rẹ̀ oṣù pẹ̀lú àpò 420, àpò 260 wọlé, 515 jáde. Ìwé ní ó yẹ kó ku 165. A kà á, 158 la bá. Àpò méje ò sí. Mo kó gbogbo wébíìlì jọ, mo ń fi nọ́ńbà wọn tẹ̀ léra, mo rí i pé nọ́ńbà kan fò. Wébíìlì yẹn wà nínú ọkọ̀ awakọ̀, àpò mẹ́rin ló gbé lọ fún oníbàárà kan nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tó kẹ́yìn oṣù, wọn ò tíì tẹ̀ ẹ́ wọlé. Ó ku mẹ́ta. Àwọn yẹn ti ya, ọmọ sítọ́ọ̀ ti kó wọn sẹ́yìn ilẹ̀kùn kí òjò má bàa pa wọ́n, kò kọ ọ́ sórí káàdì. Èmi àti ọ̀gá lọ kà wọ́n, ó fọwọ́ sí i, a sì kọ ọ́ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọjà tó bàjẹ́.

Akọ̀wé_Àjàṣẹ́
Ìdánwò tí wọ́n fún ọ lo ṣe parí yìí. Bí wébíìlì ṣe tẹ̀ léra ni akọ̀wé sítọ́ọ̀ tó mọṣẹ́ máa kọ́kọ́ wò, torí nọ́ńbà tó bá fò ló ń sọ ibi tí ọjà gbà jáde. Àwọn tó bá fẹ́ sáré máa ń yí iye inú ìwé padà sí 158 kí ó lè bára mu, wọ́n á sì kọ "àtúnṣe" sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí mo bá rí irú ẹni bẹ́ẹ̀ nínú ìdánwò, mi ò ní mú un, kódà kí èsì rẹ̀ dọ́gba.

Rúkà_Ọ̀rọ̀
Ẹ jọ̀ọ́, èmi náà ní ìbéèrè. Wọn ò gbà mí níbì kan ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, wọn ò tiẹ̀ pè mí fún ìdánwò. Ṣé kí n tún fi ránṣẹ́ báyìí?

Ìyá_Tánkẹ́
Rúkà, kí ló ti yí padà láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta? Bó bá jẹ́ pé ìwé kan lo gbàgbé láti so mọ́ ọn, fi ránṣẹ́. Bí kò bá sí nǹkan, síífíì kan náà ni wọ́n máa tún rí. Ka ojú ìwé iṣẹ́ wọn dáadáa, àwọn iléeṣẹ́ ńlá kan máa ń kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó di oṣù mẹ́fà tàbí ọdún kan kí èèyàn tó tún wá. Nígbà míì ìpolówó náà á tiẹ̀ sọ pé kí àwọn tó ti kọ̀wé má ṣe tún kọ ọ́, torí ìwé wọn ṣì wà nílẹ̀. Bó bá wà níbẹ̀, dúró.

Ti ìwọ tí wọn ò pè rárá tún yàtọ̀ sí ti Àbẹ̀kẹ́. Nígbà tí àyè míì bá ṣí, mú "bẹ́ẹ̀ ni" nínú fọ́ọ̀mù, kí o má sì dárúkọ ẹ̀ nínú lẹ́tà. Kò sí ẹni tó rántí rẹ, kò sì sí máàkì kankan tó ń gbè ọ́. Àbẹ̀kẹ́ ti jókòó níwájú wọn, ìyẹn ló ṣe ní ohun tó lè tọ́ka sí.

Àbẹ̀kẹ́_GaaÀkànbí
Mo ti gbìyànjú láti kọ ọ́. Gẹ̀ẹ́sì ni mo máa fi kọ lẹ́tà gidi, àmọ́ ohun tó wà níbẹ̀ nìyí:

"Mo tún ń kọ̀wé sí yín pẹ̀lú ìrẹ̀lẹ̀. Ẹ lè rántí pé mo wá sọ́dọ̀ yín nínú oṣù Kejì, àmọ́ mi ò ṣe dáadáa nínú ìdánwò, inú mi sì bàjẹ́ gan-an. Ẹ sọ nígbà yẹn pé ẹ máa tọ́jú síífíì mi. Mo ti tẹra mọ́ iṣẹ́ láti ìgbà yẹn, mo sì bẹ̀ yín kí ẹ fún mi láǹfààní kejì."

Akọ̀wé_Àjàṣẹ́
Yọ "mi ò ṣe dáadáa nínú ìdánwò" kúrò. Wọn ò sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé kò sẹ́ni tó parí ìdánwò yẹn, kí ó sì jẹ́ pé ẹni tí wọ́n mú ti ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn bọ̀ tẹ́lẹ̀. O ń fún ẹni tó kàn ń ka lẹ́tà ní ìdí tí òun fúnra rẹ̀ ò tíì ronú kàn.

Ìyá_Tánkẹ́
Mo gbà, kí o sì yọ ẹ̀bẹ̀ náà kúrò, àti "ẹ sọ pé ẹ máa tọ́jú síífíì mi." Gbogbo ẹni tí a bá kọ̀ la ń kọ ìyẹn sí, bí o bá sì dá a padà fún wa, ó dà bí ẹni ń sin gbèsè. Gbìyànjú èyí:

"Nínú oṣù Kejì ọdún yìí, mo wá iṣẹ́ yìí kan náà lọ́dọ̀ yín, mo sì dé ìpele ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Láti ìgbà náà, mo ti ń tọ́jú ìwé sítọ́ọ̀ fún oníṣòwò oúnjẹ adìyẹ kan ní Ìlọrin, níbi tí mo ti ń ka ọjà lóṣooṣù, tí mo sì ń wá ìdí ìyàtọ̀ tó bá wà láàárín ìwé àti ọjà. Nínú oṣù kan, àpò 158 la bá dípò 165. Mo tọpa àpò méje náà dé orí wébíìlì kan tí wọn ò tíì tẹ̀ wọlé àti àpò mẹ́ta tó ya tí wọn ò kọ sórí káàdì."

Ìpínrọ̀ kejì ni kó wà. Ìpínrọ̀ àkọ́kọ́ ni kí o fi sọ iṣẹ́ tí o ń wá àti nọ́ńbà ìpolówó náà. Má kọ "mo tún wá" sí orí íméèlì, iṣẹ́ tí o ń wá ni kó wà níbẹ̀.

Akọ̀wé_Àjàṣẹ́
Ó dáa, Ìyá. Ohun kan ló kù tí mo fẹ́ kí a yẹ̀ wò. 165 àti 158 yẹn, iye ọjà tó wà ní sítọ́ọ̀ ẹlòmíì ni. Akọ̀wé tó ń kọ iye ọjà ọ̀gá rẹ̀ sínú lẹ́tà tó ń fi ránṣẹ́ síta, èmi máa bi ara mi pé ṣé iye ọjà tiwa náà kọ́ ló máa kọ síta lọ́la. "Ìyàtọ̀ àpò méje" tó. Ó ṣì fi iṣẹ́ rẹ̀ hàn, kò sì tú àṣírí ẹnikẹ́ni.

Ìyá_Tánkẹ́
Òótọ́ ni, mi ò ro ibẹ̀ yẹn. Yọ ọ́ kúrò, Àbẹ̀kẹ́. Bí wọ́n bá pè ọ́ náà, má dárúkọ oníṣòwò yẹn àfi bí ó bá ti gbà pé kí wọ́n pe òun láti jẹ́rìí rẹ. Wọ́n máa béèrè lọ́wọ́ rẹ pé, kí ló ti yàtọ̀ láti ìgbà tí a rí ọ kẹ́yìn? Wébíìlì tó fò yẹn ni ìdáhùn rẹ. Sọ ọ́ bí o ṣe sọ ọ́ fún wa níbí, kí o fi ìka tọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin.

Bàbá_Ìbejì_Ọ̀fà
Ṣé kò mọ ẹnikẹ́ni nínú iléeṣẹ́ náà ni? Ní tèmi, ìyẹn ṣe pàtàkì ju lẹ́tà lọ.

Àbẹ̀kẹ́_GaaÀkànbí
Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ní ọ̀rẹ́ tó ń wa ọkọ̀ fún wọn. Nọ́ńbà oníṣirò tó fọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò náà sì wà lọ́wọ́ mi, torí òun ló pè mí lọ́jọ́ yẹn. Ṣé kí n fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí i?

Ìyá_Tánkẹ́
Awakọ̀ yẹn wúlò fún ohun kan: ó lè mọ ìdí tí àyè náà fi tún ṣí. Bó bá jẹ́ pé ẹni tí wọ́n mú ló ti lọ, ẹni tó máa dúró pẹ́ ni wọ́n ń wá báyìí, kí o sọ ọ́ nínú lẹ́tà pé Gaa Àkànbí lò ń gbé, o ò sì ní kó lọ síbì kan. Bó bá jẹ́ pé sítọ́ọ̀ wọn ló fẹ̀ sí i, iye irú ọjà tí o lè tọ́jú lẹ́ẹ̀kan náà ni kí o tẹnu mọ́. Oníṣirò yẹn, má pè é. Ìwé rẹ gbọ́dọ̀ gba ẹ̀ka òṣìṣẹ́ kọjá.

Akọ̀wé_Àjàṣẹ́
Níbí ni èmi àti Ìyá ti yàtọ̀. Bó bá jẹ́ èmi, mi ò ní bínú sí àtẹ̀jíṣẹ́ kan ṣoṣo tó sọ pé, ẹ kú iṣẹ́ sà, mo ti tún kọ̀wé fún iṣẹ́ yẹn lórí pọ́tàlì. Màá lọ wá orúkọ rẹ̀. Ohun tó máa bí mi nínú ni kó ní kí n bá òun sọ̀rọ̀ níbẹ̀, tàbí kó pè mí nílé.

Ìyá_Tánkẹ́
Ẹ̀yin nìyẹn, sà. Mo mọ ọ̀gá kan tó gbé irú àtẹ̀jíṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wá fún mi, tó ní ọmọ yìí fẹ́ gba ẹ̀yìn wọlé. Àbẹ̀kẹ́ ò mọ irú èyí tí ọkùnrin yẹn jẹ́ nínú ẹ̀yin méjèèjì.

Jímọ̀_Gẹ̀rì
Tó bá jẹ́ ọkùnrin yẹn ló pè é fúnra ẹ̀ lọ́jọ́ kìíní, èmi rò pé kò ní bínú.

Àbẹ̀kẹ́_GaaÀkànbí
Ẹ ṣé o, gbogbo yín. Mo ti wọ àkáǹtì mi àtijọ́, íméèlì yẹn ṣì ń ṣiṣẹ́. Mo bá síífíì tẹ́lẹ̀ níbẹ̀, mo sì ti gbé tuntun lé e. Ìbéèrè yẹn náà wà nínú fọ́ọ̀mù wọn bí Ìyá ṣe sọ, mo ti mú "bẹ́ẹ̀ ni", wọ́n sì ní kí n kọ oṣù àti iṣẹ́ tí mo wá. Ti àtẹ̀jíṣẹ́ yẹn ni mi ò tíì pinnu. Màá kọ́kọ́ bá awakọ̀ sọ̀rọ̀ lálẹ́ òní, kí n tó tẹ lẹ́tà lọ lọ́la.